Àlàfo a, an àti the: báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀ lófìfo?

TíṣàÌrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kan wà tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà mọ̀wé dáadáa, àmọ́ tó bá ti kan a, an àti the báyìí, ṣe ló máa ń méfò. Wọ́n fún un ní pasẹ́ẹ̀jì kan tó ní àlàfo méjìlá, wọ́n ní kó fi a, an tàbí the dí i, tí àlàfo kan ò bá sì nílò ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó fa dáàṣì síbẹ̀. Pasẹ́ẹ̀jì ọ̀hún nìyí:

```
My uncle is 1___ engineer at 2___ university. Last month
he bought 3___ old car from 4___ honest man, but 5___ car
broke down within 6___ hour. He hurt his hand and spent
two days in 7___ hospital. His wife went to 8___ hospital
every evening with 9___ fresh fruit. When he came home he
gave me 10___ useful advice: never trust 11___ man who
says that 12___ cars do not grow old.
```

Ohun tí ọmọ yìí kọ rèé, láti 1 dé 12: dáàṣì, an, an, a, the, a, the, the, a, an, the, the. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni: an, a, an, an, the, an, dáàṣì, the, dáàṣì, dáàṣì, a, dáàṣì. Ẹ rí i pé 3, 5 àti 8 nìkan ló gbà.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni 7 àti 8. Họsibítù kan náà ni, gbólóhùn méjèèjì tẹ̀ léra wọn, kí ló dé tí àkọ́kọ́ fi jẹ́ dáàṣì tí èkejì wá jẹ́ the? Àti 10 yẹn, ṣé kì í ṣe a ló yẹ kó wà níwájú “useful” ni? Ọ̀nà tí mo lè fi kọ́ ọ ni mò ń wá o, kì í ṣe ìdáhùn, torí ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ mi.

Bọ̀dá_Jẹ́jẹ́

Kò le rárá jàre. A ni kan, the ni náà. Kí ọmọ yẹn tú gbólóhùn sí Yorùbá lọ́kàn ẹ̀, tó bá gbọ́ kan, a ni, tó bá gbọ́ náà, the ni, tí ò bá gbọ́ ìkankan, dáàṣì ni. Ó ra ọkọ̀ àtijọ́ kan, ọkọ̀ náà bàjẹ́, ṣé ẹ rí i, 3 àti 5 ti bọ́ sí i nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ tó kàn bá wá fi a, e, i, o tàbí u bẹ̀rẹ̀, kó sọ a di an. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, ó sì ń ṣiṣẹ́. 11 ni mo rò pé ìwé yẹn ṣì, torí tí “who” bá ti tẹ̀ lé èèyàn, a ti mọ irú ẹni tí wọ́n ń sọ nìyẹn, the ló yẹ kó jẹ́.

Olóòtú_Àgbà

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ má bínú, ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ló ń kó bá ọmọ yìí. Ẹ tún wo 1. Ní Yorùbá a máa ń sọ pé àbúrò bàbá mi jẹ́ ẹnjiníà, a kì í sọ pé ó jẹ́ ẹnjiníà kan, àfi tá a bá ní ohun mìíràn lọ́kàn. Èdè wa gbà kí ọ̀rọ̀ orúkọ dá dúró láìní ohunkóhun níwájú tàbí lẹ́yìn, mo ra ọkọ̀, mo rí ajá, ó fẹ́ dókítà, gbogbo ẹ̀ ló já gaara. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á. Ìdí tí ọmọ yẹn fi fa dáàṣì sí 1 nìyẹn, ó tú u sí Yorùbá lóòótọ́, Yorùbá ò sì fún un ní kan. Iṣẹ́ àtúnṣe ìwé ni mò ń ṣe, èyí ni mo sì máa ń rí jù lọ́wọ́ àwa tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wa, “he is teacher”, “she bought car”, “I am graduate”. Ẹni tí wọ́n bá wá ti bá wí lórí ẹ̀ títí á tún sá lọ sí òdìkejì, á máa fi the síwájú gbogbo nǹkan, “the life is hard”, “the nature is beautiful”. Ẹ wo ọmọ yìí náà, láti 7 lọ, kò fi àlàfo kankan sílẹ̀ mọ́.

TíṣàÌrọ̀lẹ́, ohun tí màá ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ ni pé ìbéèrè méjì ló wà nínú àlàfo kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tó ń dáhùn wọn sì lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé nǹkan máa wọ ibẹ̀ rárá, tó bá sì máa wọ ibẹ̀, ṣé the ni àbí ìran a. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń dáhùn èyí, kódà kó jìnnà sí àlàfo. Ìbéèrè kejì ò sí àfi tí àkọ́kọ́ bá ti mú ìran a wá, òun ni pé ṣé a ni àbí an, ọ̀rọ̀ tó fara kan àlàfo ló sì ń dáhùn ìyẹn, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí kó má jẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ máa ń wo ọ̀rọ̀ tó fara kan àlàfo fún ìbéèrè méjèèjì, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú.

Ẹ jẹ́ ká mú 10. Ọmọ yẹn rí “useful”, ó rí u, ó kọ an. Ẹ̀yin náà rí “useful”, ẹ ní a. Ẹ̀yin méjèèjì ń fa ìbéèrè kejì nígbà tí àkọ́kọ́ ò tíì kọjá. Ẹ yọ “useful” kúrò ná, ó ku “advice”. Ẹ fi “two” síwájú ẹ̀, “two advices”. Kò lọ, Gẹ̀ẹ́sì kì í ka “advice” ní ẹyọ ẹyọ bí Yorùbá ṣe ń ka ìmọ̀ràn. Tí kò bá ṣeé kà, a àti an ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ó ku the tàbí dáàṣì. Ṣé ẹni tó ń kà á ti mọ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń sọ ṣáájú? Kò mọ̀ ọ́n, ìgbà tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ nìyẹn. Dáàṣì. “Useful” ò tiẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wá mú 4. Ẹ yọ “honest” kúrò, ó ku “man”. “Two men” lọ dáadáa, ó ṣeé kà, ẹyọ kan sì ni, nítorí náà kò lè wà láìní nǹkan níwájú. A ò mọ ọkùnrin yẹn rí, ìran a ni. Ìgbà yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa padà wo “honest”, h iwájú ẹ̀ kì í dún, fáwẹ̀lì lẹnu fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nítorí náà an.

9 náà, “fresh” ò ní í sọ nǹkan kan fún wa, “fruit” ni ká bi. Nínú irú gbólóhùn yìí, èso lápapọ̀ ni, kì í ṣe ẹyọ, nítorí náà dáàṣì. 12, “cars”, ọ̀pọ̀ ni, a sì ń sọ nípa ọkọ̀ ibi gbogbo, dáàṣì.

Nọ́ọ̀sì_Aláàánú

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan lórí họsibítù yẹn torí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà la máa ń sọ ọ́ pé “in the hospital”, “the patient spent two days in the hospital”, kò sẹ́ni tó pè é ní àṣìṣe rí. Àwọn dókítà wa náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé ìwé yẹn ni kò pé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Olóòtú_Àgbà

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ lẹ sọ, ìwé yẹn náà ò sì ṣì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń sọ “in the hospital” fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú. Àwọn ará Bìrìtìkó a máa sọ “in hospital”. Gẹ̀ẹ́sì ti Bìrìtìkó ni ìwé yẹn ń lò, ẹ sì máa mọ̀ tẹ́ ẹ bá wo sípẹ́lì inú ẹ̀, tó bá ń kọ “colour” àti “centre”, kí ọmọ yẹn dáhùn bíi ti Bìrìtìkó.

Nípa 7 àti 8, ohun tó fà á ni iṣẹ́ tí ẹni náà bá lọ síbẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe orúkọ wọn láìfi nǹkan kan síwájú tí èèyàn bá lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ń kàwé wà “at school”, ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ wà “in prison”, ẹni tó fẹ́ sùn lọ “to bed”, ẹni tó ń jọ́sìn lọ “to church”. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kì í ṣe ilé tàbí bẹ́ẹ̀dì kan pàtó ló wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ipò tí ẹni náà wà ni. Tí èèyàn bá wá lọ síbẹ̀ fún nǹkan mìíràn, ó ti di ilé lásán nìyẹn, ó sì máa gba the bíi ilé yòókù. Púlọ́ḿbà tó lọ tún páìpù ṣe lọ “to the school”, lọ́yà tó lọ rí oníbàárà ẹ̀ lọ “to the prison”.

Nítorí náà ọkọ ló gba ìtọ́jú ní 7, dáàṣì. Ìyàwó ò ṣàìsàn ní 8, ṣe ló lọ wò ó, the. Ìdí tí kò sì fi jẹ́ a ni pé ẹni tó ń kà á mọ họsibítù náà, ibi tí ọkọ ẹ̀ wà ni.

Ẹ ṣọ́ra o, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, ọmọ yẹn ò sì gbọ́dọ̀ fà á gùn. “Bank”, “office”, “post office” àti “cinema” ò sí lára wọn. Ẹni tó lọ gba owó ní báǹkì ṣì lọ “to the bank”, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ báǹkì ló lọ ṣe. Nínú márààrún tí mo kà yìí, họsibítù nìkan sì ni Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó ti yapa.

Ọmọ_Kàwékàwé

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ béèrè. Ṣebí wọ́n ń sọ “my brother is at university”, láìsí nǹkan kan láàárín. Kí ló dé tí 2 ò fi wá jẹ́ dáàṣì? Yunifásítì náà wà lára àwọn ibi tẹ́ ẹ ń sọ yẹn àbí kò sí níbẹ̀?

Olóòtú_Àgbà

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó wà níbẹ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó wà “at university” ń kàwé níbẹ̀. Àbúrò bàbá inú pasẹ́ẹ̀jì yìí ò kàwé níbẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, òun ni ẹnjiníà wọn, nítorí náà yunifásítì ti di ibi iṣẹ́ lásán fún un, ó sì nílò nǹkan níwájú. Tẹ́ ẹ bá fa dáàṣì síbẹ̀, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á dúró díẹ̀, á máa wò ó pé ẹnjiníà ni àbí akẹ́kọ̀ọ́.

Bọ̀dá_Jẹ́jẹ́

Ó yé mi nípa ti ẹnjiníà yẹn, mo gbà. Àmọ́ 2 fúnra ẹ̀, ṣé the ò lè wọ ibẹ̀ ni? Tó bá jẹ́ pé yunifásítì kan ṣoṣo ló wà ní ìlú wọn, “an engineer at the university”, kí ló burú níbẹ̀? Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí “who”.

Olóòtú_Àgbà

Ti “who” ná. Ẹ máa fi “èwo?” dán the wò. Tẹ́ ẹ bá ka gbólóhùn dé ọ̀rọ̀ orúkọ, kẹ́ ẹ bi ara yín pé èwo. Tí ẹni tó ń kà á bá lè na ìka sí ẹyọ kan láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, the ni. Ní 5, mọ́tò èwo? Èyí tó rà lóṣù tó kọjá, ó ti wà nínú gbólóhùn kan náà. Ní 11, ọkùnrin èwo? Kò sí ẹni tẹ́ ẹ lè na ìka sí. Ẹnikẹ́ni tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè má sí ẹni tó tíì sọ ọ́ rí. “Who” sọ irú èèyàn tó jẹ́, kò mú ẹyọ kan jáde. Ẹ fi wé “the man who sold him the car”. “Who” náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ta mọ́tò yẹn fún un ò ju ẹyọ kan lọ, a sì ti pàdé ẹ̀ ní 4. Ìyàtọ̀ wọn nìyẹn.

Ní ti 2, mi ò ní bá yín jiyàn. Gíráámà ò kọ the níbẹ̀. Pasẹ́ẹ̀jì ni kò fún wa ní yunifásítì kankan tẹ́lẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ pátápátá ni, nítorí náà a ló bọ́gbọ́n mu jù. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mò ń máàkì, màá fún ẹni tó kọ the ní máàkì ẹ̀. Ẹni tó kọ an ni mi ò ní fún.

Ojú_Lalákàn

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè. Ọ̀nà àbáyọ wà tí ẹ ò mẹ́nu bà. 9 àti 10, kí ọmọ yẹn kọ “some” síbẹ̀. “Some fresh fruit”, “some useful advice”. Ó tọ̀nà, ó sì dùn lẹ́nu, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fa dáàṣì kiri?

TíṣàÌrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n a, an, the tàbí dáàṣì ni ìbéèrè ní kó lò. Tó bá kọ “some” wọn ò ní gbà á.

Olóòtú_Àgbà

Gẹ̀ẹ́sì “some” yẹn tọ̀nà o, ìtọ́ni ibí yìí ni ò gbà á. Ó sì dáa tí Ojú Lalákàn mú un wá, torí kì í ṣe gbogbo àlàfo ni ìtọ́ni wọn bára mu. Ìdánwò Kéńbríìjì kan wà tí wọ́n ń pè ní B2 First, Part 2 rẹ̀ ní àlàfo mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí dáàṣì níbẹ̀ rárá. Ọmọ tó bá ti gbára lé dáàṣì, tó débẹ̀ tó fi àlàfo sílẹ̀ pé kò nílò nǹkan, ó ti sọ máàkì nù nìyẹn. Níbẹ̀, tí a, an àti the ò bá wọlé, kó wo “some”, “any”, “this”, “his” àti irú wọn. Nítorí náà ìtọ́ni ni kó kọ́kọ́ kà, kó mọ̀ bóyá òfìfo wà lára ìdáhùn.

Ohùn_Rédíò

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Mò ń ka ìròyìn lórí rédíò, ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹnu kún un, torí ohun tí Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ sọ nípa a, e, i, o, u yẹn ló fa 2 àti 6 tí ọmọ yẹn ṣì. Lẹ́tà kọ́ ló ń yan a tàbí an, ìró ni. “University” fi u bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé, àmọ́ y lẹnu ń kọ́kọ́ pè. Àwa náà mọ̀ ọ́n, ṣebí yunifásítì la ń kọ ní Yorùbá, y ló wà níwájú ẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Y ni. Nítorí náà “a university”, “a uniform”, “a useful tool”, “a European”. “One” náà, w lẹnu fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, “a one-way street”. Ẹ wá wo “hour”, h wà lójú ìwé àmọ́ kò sí lẹ́nu, “an hour”, “an honour”, “an heir”. Tó bá jẹ́ ìkékúrú tí a ń pè ní lẹ́tà lẹ́tà náà, ìró lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ká tẹ́tí sí. “MP”, ẹ́m̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, “an MP”. “UN”, yú lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, “a UN vehicle”.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé etí wa lè tan wá. Àwọn kan wà nínú wa tí wọn kì í pe h rárá, “house” di aúsì lẹ́nu wọn, àwọn mìíràn sì ń fi h síbi tí kò sí, “egg” di hẹ́ẹ̀gì. Tí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ní òun ń tẹ̀ lé ìró, “an house” ló máa kọ, yóò sì dá a lójú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó há àwọn tí h wọn ò dún sórí, wọn ò pọ̀ rárá. “Hour”, “honest”, “honour”, “heir” àti àwọn tó jáde lára wọn, bíi “honesty” àti “hourly”. Tó bá ti mọ ìwọ̀nyí, gbogbo h yòókù tó bá pàdé kó fi a síwájú ẹ̀.

Ọmọ_Kàwékàwé

“Historic” ńkọ́ sà? Mo rí “an historic day” nínú ìwé kan.

Ohùn_Rédíò

Ẹ máa rí i, lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ̀wé bíi ti àtijọ́ pàápàá. Àwọn kan ṣì ń rọ̀ mọ́ ọn títí dòní. “A historic day” ni èmi ń kà sórí afẹ́fẹ́, h ibẹ̀ sì ń dún lẹ́nu mi. Nínú ìdánwò, a ni kó kọ.

Ojú_Lalákàn

Ẹ gbọ́, tí a bá ń sọ nípa 6, mo ti gbọ́ “within the hour” nínú fíìmù àti nínú ìròyìn, “he will be here within the hour”. Ṣé ìyẹn náà ò tọ̀nà ni? Ọmọ tó bá kọ the síbẹ̀ ńkọ́?

Ohùn_Rédíò

Gẹ̀ẹ́sì gidi ni. “Within the hour” ni pé kí wákàtí kan tó pé sí àkókò tí a wà yìí. Èmi ò rí ohun tó burú nínú the ní 6.

Olóòtú_Àgbà

Mo gbà pé Gẹ̀ẹ́sì gidi ni, àmọ́ mi ò gbà pé ó bá ibí yìí mu tán. Ẹ̀yin náà ṣàkíyèsí pé ohun tó ń bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sọ, ó máa débí kí wákàtí yìí tó pé. Pasẹ́ẹ̀jì yìí ń sọ ohun tó ti kọjá, ó sì ń ka àkókò láti ìgbà tó ra mọ́tò, wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀. “Within an hour” lèmi máa kọ.

Ohùn_Rédíò

A máa ń lò ó fún ohun tó ti kọjá náà o. “The police were called and arrived within the hour.” Irú ẹ̀ ń dé orí tábìlì mi dáadáa.

Olóòtú_Àgbà

Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, an wà lẹ́yìn ìwé, ẹni tó bá kọ the, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń máàkì. Ohun tí kò lè jẹ́ láéláé ni a tàbí dáàṣì.

TíṣàÌrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo jókòó pẹ̀lú ọmọ náà lónìí, mo ní kó máa fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ kó tó fọwọ́ kan àlàfo, kó yọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe kúrò, kó fi “two” síwájú ẹ̀, kó wá bi ara ẹ̀ pé èwo. Mo ṣe gbólóhùn tuntun fún un:

```
1___ music helps me to sleep.
2___ music they played last night was too loud.
She goes to 3___ bed at nine.
The cat was under 4___ bed in my room.
He has 5___ good knowledge of French.
```

Ó kọ dáàṣì sí 1, the sí 2, dáàṣì sí 3, the sí 4. Inú mi dùn. Ó ní 1 kì í ṣe músíìkì kan pàtó, àmọ́ tí mo bá bi í pé èwo ní 2 á ní èyí tí wọ́n lù lálẹ́ àná. Ìgbà tó dé 5, ó fi “two” dán “knowledge” wò, kò lọ, ó ní kò ṣeé kà, ó fa dáàṣì. Mo fẹ́ fún un ní máàkì, àmọ́ mo wo díṣọ́nárì kí n tó fún un, mo sì rí “a good knowledge of” nínú àpẹẹrẹ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ṣe wọ ibẹ̀?

Olóòtú_Àgbà

Ọmọ yẹn ti ń ronú bó ṣe yẹ, ibi tí ọ̀nà yẹn parí sí ló dé yẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà tí a kì í kà, tí wọn kì í ní ọ̀pọ̀, àmọ́ tí wọ́n máa ń gba a nígbà tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá sọ irú wọn tàbí bí wọ́n ṣe tó. “Knowledge” wà lára wọn, “education” náà, “a good education”, àti “understanding”, “a clear understanding of the problem”. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a náà á bá a lọ, “knowledge is useful”, “education is expensive”. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń dá sí ìbéèrè àkọ́kọ́ níbí yìí.

“Advice”, “information”, “furniture”, “luggage”, “equipment”, “homework” àti “news” kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láé, kò sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tẹ́ ẹ lè fi síwájú wọn tí a máa wọlé. “News” sì ní s nídìí, kó má tan ọmọ yẹn, ẹyọ ni, “the news is good”. Tó bá fẹ́ kà á, “a piece of news”, “a piece of advice”.

Mi ò mọ òfin kúkúrú kan tó lè ya àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ fún un. Díṣọ́nárì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fi hàn, C ni wọ́n ń kọ síwájú ohun tó ṣeé kà, U síwájú èyí tí kò ṣeé kà, tí ọ̀rọ̀ kan bá sì lè gba méjèèjì wọ́n á kọ méjèèjì, pẹ̀lú àpẹẹrẹ. “Fruit” ti 9 yẹn gan-an wà lára àwọn tó ní méjèèjì. Nítorí náà tó bá ti fi “two” dán ọ̀rọ̀ wò tí kò dá a lójú, kó ṣí díṣọ́nárì, kó wo C tàbí U, kó sì ka àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀ kó tó fa dáàṣì.

TíṣàÌrọ̀lẹ́

Ó ti yé mi. Màá ní kó ṣí ojú ewé kan sẹ́yìn ìwé ẹ̀, kó máa kọ gbogbo U tó bá pàdé síbẹ̀, kó sì ya àwọn bíi “knowledge” sọ́tọ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tó ti rí wọn. Pasẹ́ẹ̀jì mìíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ odò àti òkè ló kún inú ẹ̀, “the Nile” níbì kan, “Lake Victoria” láìsí the níbòmíràn. Màá gbé e wá síbí.